Ìkéde Ìṣẹ́jú Kan, Níṣojú Ẹni Tó Ni Ín

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan gbé lé orí tábìlì. Ìkéde orí rédíò ni, èyí tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò kà láàárín ìṣẹ́jú kan, láti fi tọrọ owó oògùn fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó ń gba owó oṣù nínú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, wọ́n sì gbà.

Akọ̀wé ka ohun tó kọ sí wa létí: “Ẹ̀yin aláàánú, ẹ gba ọmọ yìí o! Ikú ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní alábàárò, ẹkún ló fi ń ṣe oúnjẹ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà yín lè gba ẹ̀mí ọmọ yìí là.” Akápò mi orí, ó ní èyí á wọ àwọn ènìyàn lára.

Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni obìnrin tí wọ́n ń sọ jókòó sí. Oníṣòwò ni. N kò ní sọ ohun tó ń tà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ó fetí sílẹ̀ títí akọ̀wé fi kà á tán, ó wá bi í pé: “Àbúrò mi, ta lẹ ń sọ yẹn?”

Kò bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní ọmọ òun kò sí lójú ikú, iléèwé ló wà ní wákàtí yẹn, ó sì fẹ́ràn ìṣirò. Òun fúnra òun ló ń ra fólíìkì ásíìdì rẹ̀, òun ló ń mójú tó o kó mu omi dáadáa, kí òtútù má sì mú un. Ibi tí apá òun kò ti ká a mọ́ ni háídírọ́síyúríà tí dókítà kọ fún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe fún ẹni tó bá ń lò ó. “Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn,” ó ní. “Kì í ṣe pé mi ò lẹ́nìkan.”

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló gbá gbólóhùn ẹgbẹ̀rún kan náírà mú, ó ní irọ́ ni. Háídírọ́síyúríà kì í wo àrùn náà sàn. Bí ọmọ bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, kíráísì tó ń fa ara ríro kì í fi bẹ́ẹ̀ wá lemọ́lemọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè dín àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ kù jù bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kò fi ṣeé fò. Ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wí fún pé ó ti gba ẹ̀mí là, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún iye owó, wọ́n ní rìsíìtì apòògùn ọ̀sẹ̀ tí ìkéde bá máa jáde ni àwọn yóò wò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyọ̀ǹda ló wá kàn. Fọ́ọ̀mù òyìnbó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi Yorùbá ṣàlàyé. “Mọ́mì, bí ẹ bá kọ̀, oògùn ọmọ yín kò ní dúró. Bí ẹ bá gbà lónìí, tí ẹ yí ọkàn padà lọ́la, a ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti lè jáde lórí rédíò, a kò lè pè é padà mọ́.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló yẹ kéèyàn gbọ́ kó tó fọwọ́ síwèé. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó gba ìṣọ́ra ju ìyókù lọ.

Wọ́n ní kó lọ rò ó wò. Nígbà tó padà wá, ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Akọ̀wé ti tún ìkéde náà kọ, ó kà á fún ọmọ náà, ó sì bi í bóyá ohun kan wà tí kò fẹ́. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó ní: “Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n níléèwé.” Ìyá rẹ̀ fi tirẹ̀ kún un pé ọmọbìnrin ni, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò wá tọrọ rẹ̀, òun kò fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ ọ lórí rédíò kí ọmọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Wọn kò kọ orúkọ sínú ìkéde tuntun náà, síbẹ̀ orúkọ nìkan kọ́ ló ń fi ènìyàn hàn. Ohun tí ìyá ń tà, ọjà tó ti ń tà á, ọjọ́ orí ọmọ àti kíláàsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí aládùúgbò kan bá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yọ. Ìyá náà ti fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rántí pé àwọn oníbàárà òun mọ ohùn òun, ó ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kà á.

Akápò ṣì ń kọminú. Ó ní bí kò bá sẹ́kún, owó kì í wá. N kò dá a lẹ́bi, nítorí òun ni apòògùn ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2007, Paul Slovic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn tó ka ìtàn ọmọbìnrin kan ṣoṣo láti Málì fi owó sílẹ̀ ju àwọn tó kàn ka iye mílíọ̀nù ènìyàn tí ebi ń pa. Ìtàn ẹnì kan ló ń ṣiṣẹ́, a gbà. Kò wá sọ ọ́ di dandan láti ya ẹni náà sí aláìnírànlọ́wọ́.

Ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ìkéde náà gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Akápò ní kí wọ́n yọ ibi tí ìyá ti ń ra oògùn fúnra rẹ̀. Ìyá náà ní rárá, ibẹ̀ gan-an ni òun wà. Oríkì alága ni wọ́n yọ. Ohun tó jáde nìyí:

“Ẹ kú àsìkò yìí o. Ìyá kan wà ní Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Òwò ló ń ṣe. Láràárọ̀, kí ọmọ tó lọ síléèwé, ìyá á fún un lóògùn tó fowó ara rẹ̀ rà. Oògùn kan ṣẹ́ kù tí apá rẹ̀ kò ká. Kì í wo àrùn náà sàn, àmọ́ kì í jẹ́ kí ara máa ro ọmọ lemọ́lemọ́. Iye tí ẹ ó gbọ́ yìí ló ń ra ti oṣù kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí owó bá lé, ọmọ tó kàn nínú ìwé wa la ó fi ra tirẹ̀ fún. Ìyá yìí ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú yín, ó sì fọwọ́ sí i. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, ẹ má san án sí ti ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sétí ẹni tó kàn kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì fún un ní bírò.