Bí wọ́n ṣe ń fẹnu ya àwòrán ọ̀nà Èkó sí Ákrà fún ẹni tí kò rí i

Bí èèyàn bá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ákrà, ó ṣeé ṣe kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò fa bébà kan yọ, yóò fa ìlà gbọọrọ kan sí i, yóò sàmì sí ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò kọ orúkọ ìlú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, ó parí. Ẹnìkan á ya bébà náà ní fọ́tò, á sì fi ṣọwọ́ sórí Wásáàpù ẹbí.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó fẹ́ rin ìrìnàjò náà gan-an kò bá lè rí fọ́tò ọ̀hún. Ó lè jẹ́ ìyá oníṣòwò tí fóònù rẹ̀ kò lè ju kó pè kó sì gbà lọ. Ó lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé dátà ló tán. Wọ́n á wá máa ṣàlàyé fún un lórí ìpè pé: "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, ìlà yẹn á wá yà báyìí." Yà síbo? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń nàka sí bébà, ẹni tó ń gbọ́ kò sì rí ìka.

Ẹ mú irú bébà bẹ́ẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìlà ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ láti etí bébà lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n kọ "Eko" sí, ó sì ń lọ sápá òsì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni awakọ̀ ya ìlà wíníwíní sí láti fi ṣe òkun. Àmì X mẹ́ta wà lórí ìlà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ X àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ "Cotonou" sí. Ìlà kékeré méjì ya kúrò lára ìlà ńlá, wọ́n sì kọrí sókè: "Porto-Novo" wà ní ìdí ọ̀kan, "Calavi" wà ní ìdí èkejì. Nígbà tí bébà fẹ́ tán lápá òsì, ìlà náà rọ́ sísàlẹ̀, ó sì parí sí igun níbi tí wọ́n kọ "Accra" sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹnu ya àwòrán yìí kò gbọdọ̀ tíì dárúkọ ìlú kankan. Bébà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó sọ.

Ṣé fọ́tò náà kò yí padà?

Ohun àkọ́kọ́ láti wò ni lẹ́tà tó wà lórí bébà. Bí lẹ́tà bá dùbúlẹ̀ tàbí tó dorí kodò, fọ́tò ló wó lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Kí wọ́n yí fóònù títí lẹ́tà yóò fi dúró dáadáa. Bó ti wù kí bébà wó tó, ibi tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún arìnrìnàjò kò ní di ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá kọ ẹ̀yìn síni bí ìgbà téèyàn ń wo ìwé nínú dígí, ìyẹn léwu. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi kámẹ́rà iwájú fóònù ya bébà náà, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn bébà fẹ́lẹ́ ni wọ́n yà, tí ìlà inú rẹ̀ sì hàn síta. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti sọ gbogbo ọ̀tún di òsì, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yí fóònù tí yóò fi tún un ṣe. Kí wọ́n tún un yà ló dára jù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá sọ apá tó jẹ́ òkè bébà. Àwọn awakọ̀ kì í sábà kọ àríwá tàbí gúúsù sí i, ṣùgbọ́n òkun tó wà nísàlẹ̀ ti sọ ọ́. Láti Èkó títí dé Ákrà, gúúsù ni òkun wà sí ojú ọ̀nà yìí. Nítorí náà òkè bébà ni àríwá, ọ̀tún rẹ̀ ni ìlà oòrùn, òsì rẹ̀ sì ni ìwọ̀ oòrùn.

Òsì bébà, òsì èrò ọkọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Lójú ẹni tó mú fóònù dání, ìlà náà ń lọ sápá òsì, òun náà á sì sọ pé: "Láti Èkó, ẹ máa lọ sí òsì." Bẹ́ẹ̀ òsì bébà ni iwájú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Òsì tirẹ̀ ni ibi tí òkun wà. Bí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn, inú omi ni yóò wọ̀.

Èyí tó dáa ni kí ẹni tó ń ṣàlàyé fọkàn gbé ara rẹ̀ sínú ọkọ̀, kó kọjú sí Ákrà, kó sì gbàgbé ọwọ́ tó fi mú fóònù. Ìlà kékeré méjèèjì tó kọrí sókè lórí bébà, apá ọ̀tún èrò ọkọ̀ ni wọ́n bọ́ sí. "Òkè" kò tilẹ̀ yẹ kó jáde lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń gbọ́ lè rò pé òkè tí ọkọ̀ ń gùn ni wọ́n ń sọ.

Orúkọ náà ń fẹ́ àmójútó. Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pe ìlú tí pátákó ojú ọ̀nà ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tí wọ́n bá sọ "Àjàṣẹ́" fún yóò máa wá Àjàṣẹ́ kiri lójú pátákó, kò sì ní rí i. Kí wọ́n sọ méjèèjì. Kútọnu tún ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi orúkọ yìí pe gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí awakọ̀ ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tó kọ "Cotonou" sẹ́gbẹ̀ẹ́ X àkọ́kọ́. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké ni X yẹn. Ìgboro Kútọnu ṣì tó nǹkan bíi kìlómítà 30 níwájú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè lọ

Bí ọmọ bá ń ṣàlàyé bébà yìí fún ìyá rẹ̀, ó lè sọ ọ́ báyìí:

"Màmá, ìlà kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá ti kọjú sí Ákrà, òkun wà lọ́wọ́ òsì yín títí ẹ ó fi débẹ̀. Mi ò ní kí ẹ máa rí i o, apá ibi tó wà ni mò ń sọ. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà. Ìkíní ni Sẹ̀mẹ̀, lẹ́yìn Àgbádárìgì. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, oríta kan ń bọ̀ tó yà sọ́tùn-ún lọ sí Àjàṣẹ́. Porto-Novo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má yà. Ẹ máa lọ tààrà wọ Kútọnu, ẹ ó gba orí afárá kọjá ọ̀sà. Lẹ́yìn ìgboro ni oríta Godomey. Ọ̀tún ń lọ sí Calavi. Ẹ má yà síbẹ̀ náà. Ìlú tí ẹ máa bá níwájú ni Wídà, Ouidah ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ ná."

Ọmọ náà sọ ohun tí wọ́n máa rí bí ọ̀nà bá tọ́. Ohun tó kù ni ohun tí wọ́n máa rí bí ọ̀nà bá ti ṣì, pàápàá ní Godomey, tó jẹ́ oríta tó léwu jù lọ lórí bébà yìí. Ọ̀nà tó yà sọ́tùn-ún níbẹ̀ gbòòrò, ọkọ̀ sì pọ̀ lórí rẹ̀, torí òun ló ń lọ sí Bohicon àti Parakou ní àríwá. Bí èèyàn bá ti ṣì í gbà, orúkọ Abomey-Calavi ni yóò máa rí lójú pátákó ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà Allada. Ẹni tí kò lè kàwé lè wo oòrùn. Lẹ́yìn ọ̀sán, ẹni tó ń lọ sí Ákrà ní oòrùn níwájú. Bí oòrùn bá ti bọ́ sápá òsì tó sì dúró síbẹ̀, àríwá ni ọkọ̀ kọrí sí. Àmì yìí kò wúlò ní ọ̀sán gangan tí oòrùn wà lórí.

Láti Wídà, ọ̀nà kọjá Comé àti Grand-Popo dé ẹnubodè kejì, tí pátákó ń pè ní Hillacondji. Tógò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, aago á sì padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Bí awakọ̀ bá kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, kí wọ́n bi í bóyá aago Nàìjíríà ni tàbí ti Tógò. Ní Aného, òkun á sún mọ́ ọ̀nà débi tí ẹni tó jókòó lápá òsì lè rí i, ọ̀sà á sì wà lápá ọ̀tún. Ẹnubodè kẹta ni Aflao. Ìgboro Lómè kò tíì tán tí èèyàn ti dé ibẹ̀.

Ibi tí bébà ti ń parọ́

Lórí bébà yìí, Aflao sí Ákrà ló kúrú jù, nítorí àyè ti tán lọ́wọ́ awakọ̀. Lójú ọ̀nà, òun ló gùn jù: ó tó nǹkan bíi kìlómítà 190, nígbà tí Èkó sí Kútọnu jẹ́ bíi 120, tí Hillacondji sí Lómè kò sì ju bíi 50 lọ. Kí ẹni tó ń ṣàlàyé má fi gígùn ìlà sọ pé "ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Títẹ̀ tí ìlà náà tẹ̀ sísàlẹ̀ sí igun bébà kì í sì í ṣe ọ̀nà tó yà sí òsì. Lóòótọ́, lẹ́yìn Aflao ọ̀nà fi etí òkun sílẹ̀ díẹ̀ lọ sápá àríwá nítorí ọ̀sà Keta, ó kọjá Akatsi, ó sì gba orí afárá odò Volta ní Sogakope. Ohun tí awakọ̀ yà àti ohun tí bébà fi agbára mú un yà, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n pe awakọ̀ náà padà.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ó yé ẹni tó ń gbọ́. Bíbi í pé "ṣé ó ti yé yín?" kò tó, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ. Kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ padà, ṣùgbọ́n láti Ákrà wá sí Èkó. Ẹni tó kàn há ọ̀rọ̀ sórí yóò sọ pé òkun wà lápá òsì. Ẹni tí àwòrán náà ti wọ̀ lọ́kàn yóò sọ pé apá ọ̀tún ló wà báyìí, àti pé ọ̀nà Calavi àti ti Àjàṣẹ́ ti bọ́ sí òsì.

Àbọ̀ náà ní oríta tirẹ̀ tí awakọ̀ kò yà sórí bébà, nítorí ìrìn àlọ kò nílò rẹ̀. Tẹ́mà ni. Ẹni tó bá jáde kúrò ní Ákrà gba títì márosẹ̀ yóò bá ọ̀nà mẹ́ta níwájú rẹ̀ níbẹ̀: òsì ń lọ sí Akosombo, ọ̀tún ń lọ sí èbúté Tẹ́mà, iwájú tààrà ni Aflao.