Ọkọ̀ Ń Dún “Ká”, Kò Sítáàtì: Bátìrì Ni àbí Kíkísítátà?

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì kò yí, “ká” nìkan lẹ gbọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sọ pé bátìrì ti kú, wọ́n á sì sáré lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fa ìró yẹn: bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀, tẹ́mínà tí kò di orí bátìrì mú dáadáa, tàbí kíkísítátà tó ti bàjẹ́. Ó yẹ kí èèyàn mọ èyí tó jẹ́ kó tó náwó.

Ara kíkísítátà ni ìró náà ti ń wá. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sólẹ́nọ́ìdì. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ ló máa ń fà á wọlé, òun ni yóò sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá tí kíkísítátà fi ń yí ẹ́ńjìnnì. “Ká” tí ẹ gbọ́ yẹn fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Iná ńlá, tó máa ń ju 100 áńpì lọ kódà nínú ọkọ̀ kékeré, ni kò dé ibi tó yẹ, tàbí kó dé kí kíkísítátà má lè lò ó.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń dún. Tó bá jẹ́ “ká-ká-ká-ká” léraléra, agbára iná ló ń wó: sólẹ́nọ́ìdì wọlé, iná ṣubú, ó jáde, iná padà gòkè díẹ̀, ó tún wọlé. Bátìrì tàbí tẹ́mínà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ “ká” kan ṣoṣo tó rinlẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíkísítátà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi etí nìkan dájọ́, torí bátìrì tó ti rẹ̀ pátápátá náà lè dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ojú ló kù. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹnì kan máa wò ó bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà kò bá yí padà rárá, tó ń tàn ganrin-ganrin, bátìrì ń ṣiṣẹ́, kíkísítátà tàbí wáyà ńlá tó lọ bá a ni ẹ máa yẹ̀ wò. Bó bá ṣú, tó fẹ́ kú, bátìrì tàbí tẹ́mínà ló kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkísítátà tó há náà lè fa iná wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́mínà ló ń tan èèyàn jẹ jù. Aládùúgbò mi kan n’Íbàdàn ra bátìrì tuntun sínú Kòrólà rẹ̀, kò pẹ́ tí “ká-ká-ká” fi padà dé. Rìwáyà tó wá wò ó fi mítà wọn orí bátìrì méjèèjì: fóòtì 12.6. Ó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ó wà ní 12.3. Bátìrì tí kíkísítátà ń fa iná lára rẹ̀ yẹ kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A jẹ́ pé iná kò jáde. Ó wá fi ẹnu mítà kan kan òjé orí bátìrì gan-an, ó fi èkejì kan tẹ́mínà tó yí i ká, wọ́n sì tún yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí mítà sọ ju ìdajì fóòtì lọ níbẹ̀. Tiẹ̀ fò kọjá 5.

Ẹ̀fun funfun ti bo inú tẹ́mínà náà, wọ́n sì kàn gbé e lé orí bátìrì tuntun bẹ́ẹ̀. Bí omi táńkì ńlá tí ẹnu páìpù rẹ̀ ti dí ló rí: ó tó bu sínú ife, kò lè kún garawa. Ìdí nìyẹn tí rédíò àti iná inú ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò yí. Ó kọ́kọ́ tú ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó fi sáńpépà ha òjé àti inú tẹ́mínà méjèèjì, ó dè wọ́n le, ó sì fi nẹ́gẹ́tíìfù dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan ara ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù kó tan iná.

Bó bá jẹ́ bátìrì ni, mítà á sọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, 12.6 ni bátìrì tó kún, 12.2 ti tó ìdajì. Àmọ́ òmíràn á kà 12.5, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ á já wá sí 6 tàbí 7. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí i, ẹ wọn ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó nǹkan bí 13.5, ọtanétọ̀ kò gba agbára sínú bátìrì, tuntun tí ẹ bá rà náà yóò kú.

Ní ti kíkísítátà, ẹ fi jíà sí núútírà tàbí P, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnì kan fi ìdí sípánà gbá a wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá yí, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán, yóò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà tú u kí ẹ tó ra odindi, torí nínú ọ̀pọ̀ Tòyótà, bàbà pẹlẹbẹ méjì tó ń gba iná lára sólẹ́nọ́ìdì ló máa ń jẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn lọ́tọ̀.