Ọjọ́ tí a Pa Ìwé Owó Dé

Bí àgbẹ̀ kan bá ka iṣu tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Èbìbí, nígbà tí iṣu àtijọ́ ń tán lọ, tí èkejì sì ka tirẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí iṣu tuntun ti wọlé, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò tìtorí iye náà pe ẹni ìṣáájú ní ọ̀lẹ. Síbẹ̀ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí "ọdún 2008" lára ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ méjì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrè ọ̀kan wé ti èkejì.

Oṣù Ọ̀pẹ kọ́ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pa ìwé owó ọdún wọn dé. Ohun méjì ni ìwé náà sì ń sọ: ó ń sọ ohun tí a tà àti èrè tí a jẹ láàárín oṣù 12, ó sì tún ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní àti gbèsè tí ó jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ yìí bá yí padà, ohun méjèèjì ni yóò yí padà.

Ìtàn àwọn báńkì Nàìjíríà fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 2008, ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ni First Bank ń pa ìwé tirẹ̀ dé, ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sì ni UBA ń pa tirẹ̀. Nítorí náà, oṣù mẹ́fà péré ni "ọdún 2008" ti báńkì méjèèjì jọ ní.

Ọdún náà kì í sì í ṣe ọdún tí nǹkan dúró sójú kan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín-ìdókòwò ní Èkó ju 66,000 lọ. Nígbà tí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ fi parí, ó ti di nǹkan bíi 46,000. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2009, kò tó 20,000 mọ́. Báńkì púpọ̀ ni ó ti yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, tí ìpín náà sì jẹ́ ohun tí a fi dógò. Ká ní oníbàárà kan yá náírà mílíọ̀nù 100, tí ìpín tí ó fi dógò sì tó mílíọ̀nù 150 nígbà tí ọjà wà ní 66,000. Bí ìpín náà bá bá ọjà rìn, yóò di nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 ní ìparí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, àti nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 ní oṣù Ẹrẹ́nà tí ó tẹ̀ lé e. Gbèsè kan náà ni. Báńkì tí ó pa ìwé dé ní oṣù Ẹrẹ́nà 2008 yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára. Èyí tí ó pa á dé lẹ́yìn ọdún kan kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ewu kejì ni ti owó tí ń rìn. Bí báńkì kan bá gba náírà bílíọ̀nù 10 sọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà, tí owó náà sì ṣí lọ sí báńkì mìíràn kí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó parí, yóò hàn nínú ìwé àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ṣírò wọn pọ̀ yóò rí bílíọ̀nù 20 níbi tí 10 péré wà. Nítorí irú nǹkan báyìí, àti kí a lè fi báńkì kan wé èkejì, ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi pàṣẹ pé kí gbogbo báńkì máa parí ọdún wọn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2009. Àyípadà náà pàápàá ní ìdẹkùn tirẹ̀: ìwé First Bank tí ó parí ní oṣù Ọ̀pẹ 2009 jẹ́ ti oṣù 9 péré. Ẹni tí kò bá ka àkọlé rẹ̀ dáadáa yóò rò pé iṣẹ́ dínkù ju bí ó ti rí lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì ṣì lè yan ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń parí ọdún ní oṣù Òkúdù, tí èkejì sì ń parí ní oṣù Ọ̀pẹ, ọ̀nà wà láti mú wọn dọ́gba. Kí a mú èrè ọdún tí ó parí ní oṣù Òkúdù, kí a yọ ti oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrò, kí a sì fi ti oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé oṣù Òkúdù náà kún un. Èrè láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ ni yóò kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ ní àti gbèsè rẹ̀ kò ṣe é rò pọ̀ bẹ́ẹ̀: àfi kí a mú iye tí ó wà nínú ìwé àárín ọdún, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ gan-an. Ìwé àárín ọdún yìí sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò kò tíì fọwọ́ sí, nítorí náà kí a má ṣe gbára lé e bí a ti ń gbára lé ti ìparí ọdún.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń fi ilé-iṣẹ́ wé ilé-iṣẹ́ tó wo iye èrè, kí ó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí a pa ìwé dé àti iye oṣù tí ìwé náà kó pọ̀.