Adìẹ Tó Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Egungun: Ṣé Kò Jinná Ni?

Ẹ ó ti rí i níbi wálímọ̀ tàbí ìsọmọlórúkọ. Ẹnì kan gé itan adìẹ, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ egungun rẹ̀ pupa, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kò jinná. Ẹlòmíràn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jẹ tirẹ̀ tán nítorí pé ó pọ́n dáadáa lóde, inú rẹ̀ sì funfun níbi tó ti kọ́kọ́ gé e jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, inú ń run ẹni tó jẹ ẹran tó funfun. Èyí tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àṣé òun ló jinná jù.

Ojú ni àwọn méjèèjì fi ṣe ìdájọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni ìdí tí ojú fi lè tan ènìyàn jẹ lórí ọ̀rọ̀ adìẹ, àti ohun tó yẹ kí alásè gbára lé dípò rẹ̀.

Omi pupa inú ẹran kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò lọ́nà, nítorí ó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí láàmú. Tí a bá dúńbú adìẹ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan rẹ̀ á ṣàn jáde. Omi pupa tí a ń rí nígbà tí a bá gún ẹran náà lórí iná, omi ara ẹran fúnra rẹ̀ ni, tí nǹkan pupa kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní máyóglóbìn pò mọ́. Inú ẹran ni nǹkan yìí ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú atẹ́gùn fún ẹran tó ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí itan, tí adìẹ fi ń rìn káàkiri, fi dúdú ju àyà lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà jáde ni Al-Kùránì kà léèwọ̀ nínú Súrátùl Anáámù, ẹsẹ 145. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì ti ṣàlàyé pé ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù sínú ẹran lẹ́yìn tí a ti dúńbú rẹ̀ kò sọ ẹran náà di èèwọ̀. Nítorí náà, pupa tí a rí nínú adìẹ kò fi hàn pé wọn kò dúńbú rẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ó jinná.

Ohun tí omi ẹran lè sọ àti èyí tí kò lè sọ

Àwọn ìyá wa kọ́ wa pé ká gún itan adìẹ, tí omi tó jáde bá mọ́ gaara, ó ti jinná. Ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀. Bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i, máyóglóbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, pupa rẹ̀ á ṣá, omi ẹran á sì mọ́.

Àmọ́ ìyípadà yìí kì í ṣẹlẹ̀ lójú ìwọ̀n ooru kan náà lára gbogbo adìẹ. Ọjọ́ orí adìẹ, apá ara rẹ̀ tí a gún, àti bí kíkan ẹran náà ṣe tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí i sókè sódò. Omi adìẹ kan lè mọ́ gaara kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ tó kú. Ti òmíràn lè ṣì máa pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kú tán. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí a gún nìkan ni omi ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó gún ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ kò tíì mọ ohunkóhun nípa ẹ̀gbẹ́ egungun.

Ohun tí àwọ̀ lè sọ

Àwọ̀ tún wá léwu ju omi lọ. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti iléeṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ Nófímà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé adìẹ ti jinná. Wọ́n wo bí ìdílé 75 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Yúróòpù ṣe ń se adìẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wo àwọ̀ inú ẹran. Ìdílé kan ṣoṣo ló fi ohun èlò wọn ooru. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ìyípadà àwọ̀ ẹran adìẹ máa ń ṣẹlẹ̀ kí ooru rẹ̀ tó dé 55°C. Ooru yẹn kò tó láti pa Sàlìmọ́nẹ́là àti Kámpílóbákítà, àwọn kòkòrò àìfojúrí méjì tí adìẹ tútù máa ń gbé, tí wọ́n sì ń fa inú rírun, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru.

Nípa bẹ́ẹ̀, inú ẹran tó funfun kì í ṣe ẹ̀rí pé ó jinná. Bákan náà, pupa ẹ̀gbẹ́ egungun kì í ṣe ẹ̀rí pé kò jinná. Adìẹ agric tí à ń rà lóde òní kì í ju bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ kí wọ́n tó pa á. Egungun rẹ̀ kò tíì gbó, ó ṣì ní ihò wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sínú yìnyín, tí yìnyín náà sì yọ́, pupa inú mùdùnmúdùn á gba inú egungun jáde sára ẹran. Bó bá wá rí iná, á dúdú tàbí kó pọ́n bí àlùbọ́sà pupa. Kò sí bí a ṣe lè sè é tó, ibẹ̀ lè máà funfun. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ti dàgbà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí egungun rẹ̀ ti le.

Adìẹ tí a yan lórí èédú náà ní tirẹ̀. Atẹ́gùn kan wà nínú èéfín tó máa ń so mọ́ máyóglóbìn, tí á sì jẹ́ kí ẹran tó wà lábẹ́ awọ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yíká, bó ti wù kó jinná tó.

Itan méjì nínú agbada kan

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní alásè kan ra itan adìẹ oníyìnyín, ó sì fẹ́ dín in. Ó gbé itan àkọ́kọ́ sínú fíríìjì láti alẹ́, yìnyín rẹ̀ sì yọ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó bo ìkòkò, lẹ́yìn náà ló wá dín in. Àwọn àlejò ti ń dé nígbà tó rí i pé ẹran kò ní kárí, ló bá mú itan kejì tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná tààrà. Láàárín ìṣẹ́jú méjìlá, ara rẹ̀ ti pọ́n.

Bó bá gé itan àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ egungun rẹ̀ lè pupa. Bó bá fi ohun èlò wọn ooru inú rẹ̀, ó lè bá 85°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Bó bá gún itan kejì níwọ̀nba lábẹ́ awọ, omi tó mọ́ gaara ni yóò jáde, ẹran ibẹ̀ á sì funfun. Àmọ́ ooru ẹ̀gbẹ́ egungun rẹ̀ lè má ju 50°C lọ, nítorí pé yìnyín ni òróró kọ́kọ́ ń bá jà kó tó kan ẹran. Itan kejì yìí ló ń gbé ènìyàn lọ sílé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ òun ló dára lójú jù.

Ìwọ̀n ooru tó yẹ, àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ lọ́dún 2006 pé kí inú ẹran adìẹ gbogbo dé 74°C ó kéré tán. Lójú ooru yìí, kòkòrò àìfojúrí tí à ń sọ kú lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ní kí ó dé 70°C, kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ooru àti àkókò ló jọ ń ṣiṣẹ́: bí ooru bá dín díẹ̀, àkókò gbọ́dọ̀ gùn sí i. 74°C ló rọrùn jù fún ilé ìdáná, nítorí kò gba kíka ìṣẹ́jú.

Tẹ̀mómítà oúnjẹ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tó ní abẹ́rẹ́ tínrín, tó sì ń fi nọ́ńbà hàn. Èyí tí a fi ń wo ibà ọmọ kò lè ṣe é, kì í mọ ju bíi 42°C lọ, èyí tó jẹ́ dígí sì lè fọ́ sínú oúnjẹ. Èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí bí ìbọn kò wúlò pẹ̀lú, ara ẹran nìkan ló ń wọ̀n.

Ibi tó ki jù lára ẹran ni kí a ki abẹ́rẹ́ náà bọ̀. Bó bá jẹ́ odindi adìẹ, inú itan níbi tó ti pàdé ara ni, kí a sì tún wọn ibi tó ki jù ní àyà. Kí ẹnu abẹ́rẹ́ náà má kan egungun, nítorí ooru egungun kì í bá ti ẹran dọ́gba. Ká dúró kí nọ́ńbà náà fara balẹ̀, ká sì wọ̀n ọ́n níbi méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni ká gbà gbọ́. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá tẹ̀mómítà wa ń sọ òótọ́, ká kì í bọ inú omi tí yìnyín wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. 0°C ló yẹ kó sọ.

Bí kò bá sí tẹ̀mómítà

Àṣà wa láti bọ ẹran kí a tó dín in jẹ́ ààbò fún wa, tí a kò bá ti fò ó. Kí yìnyín yọ́ tán dé ẹ̀gbẹ́ egungun. Bí oríkèé rẹ̀ bá ṣì le tí kò ṣeé ká, yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Kí a la itan gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun kí omi gbígbóná lè ráàyè wọlé. Lẹ́yìn tí omi bá ti hó, kí a bo ìkòkò, kí itan tó tóbi sì wà lórí iná fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹyọ tó tóbi jù nínú ìkòkò ni kí a gé dé egungun, kì í ṣe èyí tó kéré jù. Bí ẹran bá ṣì ń dán, tó rọ̀ bí rọ́bà tó tutù, tó sì lẹ̀ mọ́ egungun, ó di inú ìkòkò padà, kódà bí omi rẹ̀ bá mọ́. Bí ẹran bá ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán, tó ń ṣí kúrò lára egungun, tí oríkèé sì ń yọ wẹ́rẹ́, ooru ti wọ ibẹ̀. Pupa tó bá wá kù létí egungun irú ẹran bẹ́ẹ̀, ti mùdùnmúdùn ni, kò yẹ kó lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀.