Lẹ́tà Ọlọ́sẹ̀ Kan: Bí A Ṣe Ń Béèrè Ibi Tí Ìwé Ìwáṣẹ́ Dé Dúró

Ọ̀sẹ̀ kan kì í pẹ́ lójú ẹni tí ìwé kún orí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, àfi bí oṣù mẹ́ta. Á yẹ fóònù wò láàárọ̀, á tún yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, kò ní gbúròó ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ á wá pín sí méjì: ṣé kí n kọ̀wé sí wọn ni, àbí kí n dákẹ́ kí wọ́n má baà ní mò ń yọ wọ́n lẹ́nu? Èrò tèmi ni pé kó kọ ọ́. Ìbéèrè tó bọ́ sí àsìkò kì í bí ọ́fíìsì nínú. Ohun tó ń sú wọn ni lẹ́tà tó dé kí àsìkò tó tó, tàbí èyí tó ń béèrè ohun tí ẹni tó gbà á kò lágbára àtidáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọjọ́ kà. Bí ìkéde iṣẹ́ bá dá ọjọ́ tí wọn ò ní gba ìwé mọ́, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi tiyín ránṣẹ́. Ní ọ́fíìsì púpọ̀, akọ̀wé kàn ń kó ìwé jọ ni títí gbèdéke á fi kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó jókòó tì í. Ẹni tó bá béèrè ṣáájú, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún un ju pé àwọn ṣì ń gba ìwé. Bí ìkéde ò bá dá ọjọ́ kankan, ẹ ka ọ̀sẹ̀ kan láti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan lé e bí ọlidé ìjọba bá bọ́ sáàárín.

Ti iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Àwọn yunifásítì àti pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ìkéde bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn, ìgbìmọ̀ ló sì ń jókòó yẹ ìwé wò lẹ́yìn náà. Lẹ́tà ọlọ́sẹ̀ kan kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sì ti ní kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì, orí ìkànnì náà ni kó padà sí láti wo bọ́rọ̀ ṣe rí. Ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni ni lẹ́tà yìí ti wúlò jù: ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ tí kò tóbi púpọ̀, níbi tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì ti ń fi ojú ara wọn ka gbogbo ìwé tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ olùkọ́ fisíìsì kan. Ilé-ìwé girama aládàáni kan n'Íbàdàn kéde pé àwọn ń wá olùkọ́, wọ́n sì fi gbèdéke sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2025. Olùkọ́ wa ti fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí ímeèlì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1 oṣù náà. Ká ní ó ka ọ̀sẹ̀ kan láti ìgbà yẹn ni, ọjọ́ 8 ni ì bá kọ̀wé, nígbà tí ìwé àwọn ẹlòmíì ṣì ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn gbèdéke bọ́ sí ọjọ́ 18, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn náà: tó bá ti di ọ̀sán, àwọn kan á ti lọ kírun Jímọ̀, àwọn yòókù á ti máa palẹ̀ mọ́. Lẹ́tà tó bá dé nígbà yẹn, abẹ́ gbogbo èyí tó rọ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bá a. Ó wá dúró di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22. Ó tún rò ó pé apá ìparí oṣù Keje ni àwọn ilé-ìwé ń parí sáà kẹta, tí èsì ìdánwò àti ètò ìsinmi máa ń gba gbogbo àkókò ọ̀gá ilé-ìwé. Lẹ́tà tí èèyàn lè kà tán lórí ìdúró ló yẹ kó kọ.

Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ṣí àpótí Sent nínú ímeèlì rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kò dáhùn ni kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ rárá. Ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì tí ẹ tẹ̀ bá ti inú ìkéde mu, lẹ́tà kan lé lẹ́tà kan. Ẹ ṣí àwọn fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn, kí ẹ rí i pé sífíì àti sátífíkéètì yín wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lẹ gbé sí i. Gmail kì í jẹ́ kí fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà kan ju 25 MB lọ lápapọ̀, sátífíkéètì tí a sì fi fóònù yà lè wúwo ju bí a ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ Spam wò, torí ìdáhùn lè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe ti wá, lẹ́tà náà yí padà nìyẹn: ẹ fi ohun tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́, kí ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì dúró.

Ti olùkọ́ wa pé. Kò wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun. Ó ṣí lẹ́tà ọjọ́sí níbẹ̀, ó tẹ Reply, ó rí i dájú pé àdírẹ́sì ilé-ìwé náà ló jáde lókè, ó sì kọ tuntun lé orí èyí tó ti wà nílẹ̀. Bí akọ̀wé bá ti ń ka ìbéèrè rẹ̀, ìwé ìwáṣẹ́ náà ti wà nísàlẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú àpótí kiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kéde iṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi kọ lẹ́tà rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí lédè tiwa:

*Sí Ọ̀gá Ilé-Ìwé,*

*Ẹ kú iṣẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2025, mo fi ìwé ránṣẹ́ sí yín láti wá iṣẹ́ olùkọ́ fisíìsì tí ẹ kéde. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó tẹ̀ yín lọ́wọ́, àti bóyá ìwé kankan kù tí ẹ ṣì ń retí lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá ti mọ àsìkò tí ẹ ó pe àwọn èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, inú mi yóò dùn láti gbọ́.*

*Lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí yín, ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ mi lọ́dọ̀ TRCN jáde. Mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí.*

*Ẹ ṣeun fún àkókò yín.*

*Èmi ni tiyín ní tòótọ́,*

Orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, bó ṣe wà lórí sífíì gẹ́lẹ́, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó tán.

Ẹ wo ìbéèrè àárín yẹn dáadáa. Bóyá ìwé dé, bóyá nǹkan kù, ìgbà wo ni wọn yóò pe èèyàn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni akọ̀wé lè dáhùn láìdìde lórí ìjókòó. Ká ní ohun tó béèrè ni pé ṣé wọ́n ti gba òun sí iṣẹ́, akọ̀wé ò lè sọ̀rọ̀, yóò ní láti dúró de ọ̀gá, ọ̀gá náà yóò sì dúró de olùdásílẹ̀ ilé-ìwé. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n á fi gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ TRCN sì wúlò, nítorí òun ni àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé-ẹ̀rí náà sì jẹ́ ohun tuntun tí ọ́fíìsì lè fi kún fáìlì rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ohun tuntun, ẹ fo ibẹ̀. Kò yẹ kí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe látìgbà tó ti jáde ilé-ìwé.

Ibi tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń kó ẹ̀bẹ̀ wọ inú irú lẹ́tà yìí. Wọ́n kọ́ wa ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ nílé-ìwé, a mọ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, síbẹ̀ tí àìníṣẹ́ bá ti fún èèyàn lọ́rùn, á kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run, ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́." Òótọ́ lè ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò lè fi iye ọmọ yan olùkọ́, ìtìjú á sì mú un pa lẹ́tà náà dé. Òdì kejì rẹ̀ ni ẹ̀sùn: "Mo ti kọ̀wé láti ọjọ́ yìí, ẹ ò dá mi lóhùn." Ọ̀sẹ̀ kan péré kò tó ohun tí a ń fẹjọ́ rẹ̀ sun. Àwọn míì á sì wá nọ́ńbà ọ̀gá kàn lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á kọ̀wé sí i lórí Wátsáàpù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí kì í bá ṣe pé nọ́ńbà yẹn wà nínú ìkéde, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí ìwé gbà wọlé ni kí ìbéèrè náà gbà.

Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn ti rí i, pé àwọn yóò kàn sí yín, ẹ dúpẹ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ má sì kọ̀wé mọ́. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tún béèrè. Bí ìdáhùn náà bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò kí wọ́n tó pè yín, ẹ má san kọ́bọ̀, gbájú-ẹ̀ ni.

Bí kò bá sí ìdáhùn rárá ńkọ́? Ìkéde púpọ̀ ló ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kìkì àwọn tí wọ́n bá yàn ni wọ́n máa kàn sí, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n rí yín fín. Bí ìkéde bá ní nọ́ńbà ọ́fíìsì, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ dárúkọ ara yín, ipò tí ẹ wá àti ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwé náà dé. Bí wọ́n bá ní kò dé, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àdírẹ́sì ímeèlì tó tọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ní ó dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ìkéde tó kàn.