Ohun tí Oníbàárà Sọ Lẹ́yìn tí Ó Fọ Aṣọ

Bí ẹ bá ṣí ìkànnì ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké wa, ohun tí ẹ máa rí lábẹ́ àkọlé "Ẹ̀rí àwọn oníbàárà wa" ni àwòrán ọ̀rọ̀ Wasáàpù: "Mo ti gbà á o, ó rẹwà gan-an! Ọlọ́run á bù kún yín." Ẹni tó ń tajà lè má purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní fóònù méjì lè jókòó sílé kó kọ ogún irú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń rajà náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà oníbàárà sábà máa ń hàn nínú àwòrán náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ rò pé aláṣọ òun nìkan lòun ń bá sọ̀rọ̀. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e síta.

Báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ta àdìrẹ lórí ìkànnì tirẹ̀ fún àwọn ará Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbà tó yẹ kó béèrè. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń béèrè, nítorí inú èèyàn máa ń dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀rá lára àdìrẹ mọ̀ nípa rẹ̀? Ó mọ̀ pé ó dára lójú, ó mọ̀ pé ó tètè dé. Kò tíì mọ̀ bóyá aró rẹ̀ máa ṣí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ ń bẹ̀rù jù nìyẹn, inú omi ìfọṣọ ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Nítorí náà, kí ìyá yìí ní sùúrù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wá ránṣẹ́ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà. Àdìrẹ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe rí i fún wa, ìbáà dára, ìbáà kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ sì fún un ní ìràwọ̀ láti orí 1 dé 5. A fẹ́ gbé ohun tí ẹ bá sọ sórí ìkànnì wa. Ṣé ká kọ orúkọ yín sí i, àbí ká kọ ìlú yín nìkan?"

Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé ìtajà oṣù náà ló sì gbọ́dọ̀ rí i gbà, títí kan ẹni tó bá a fa ọ̀rọ̀ lórí owó ìfiránṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: àwọn tí wọ́n mọ̀ pé inú wọn dùn nìkan ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Ká sọ pé èèyàn 40 ló ránṣẹ́ sí, tí 14 sì dáhùn. Mẹ́sàn-án fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, méjì fún un ní mẹ́rin, ẹnì kan fún un ní mẹ́ta, àwọn méjì yòókù fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 58. Tí a bá fi 14 pín in, ó jẹ́ 4.1. Tó bá wá fi àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn pa mọ́, ó máa di 4.8. Ẹnu oníbàárà gidi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti jáde, síbẹ̀ irọ́ ni 4.8 náà.

Irú ẹ̀ ló kó ilé-iṣẹ́ aṣọ Fashion Nova ti Kalifọ́níà sí wàhálà. Àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ìràwọ̀ mẹ́rin àti márùn-ún máa ń jáde fúnra wọn lórí ìkànnì rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá kéré sí i ní láti dúró kí ẹnì kan fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ló sì dúró tí kò jáde. Ní oṣù kìíní 2022, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 4.2 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn méjì tó fún ìyá aláró ní ìràwọ̀ kan. Ohun kan náà ni wọ́n sọ: aṣọ náà kó aró ran aṣọ funfun nínú bàsíà. Nígbà tó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ra aṣọ wọn. Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ń kánjú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣan aṣọ kí wọ́n tó sá a. Ẹni tó bá pa ẹ̀sùn méjì yìí rẹ́ kò ní mọ̀ láéláé. Ìyá yìí fi wọ́n sílẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn sábẹ́ wọn: "Ẹ má bínú, mà. A kò ṣan aṣọ ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa, a sì ti dá owó yín padà. Ní báyìí, a máa ń ṣàn án títí omi á fi mọ́. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ àdìrẹ tuntun pọ̀ mọ́ aṣọ funfun." Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ rajà ju ìràwọ̀ márùn-ún mẹ́sàn-án lọ, nítorí ó fi hàn án bí wọ́n ṣe máa ṣe é bí nǹkan bá yíwọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó yọ kúrò lóòótọ́: èébú, nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rajà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kó kọ ìlànà náà síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kó sì fi mú ìyìn àti ẹ̀sùn bákan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, ó lè gé e kúrú, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ ibi tó máa gé e sí. Bí oníbàárà bá kọ pé "Aṣọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé," tí a sì gé e lẹ́yìn "rẹwà," a ti mú kó sọ ohun tí kò sọ.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Bó bá fẹ́ fún ẹni tó kọ̀wé ní ẹ̀dínwó, kó fún ẹni tó yìn ín àti ẹni tó bú u, kó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé ó gba ẹ̀dínwó. Lórí Google, kó má tiẹ̀ dán an wò, nítorí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀bùn gbà léèwọ̀ pátápátá. Kí ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ má sì díbọ́n bí oníbàárà. Nàìjíríà ní òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tó lòdì sí fífi irọ́ polówó ọjà. Amẹ́ríkà fòfin de ayédèrú ọ̀rọ̀ oníbàárà láti oṣù kẹwàá 2024, Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè é láti oṣù kẹrin 2025, èyí sì kan ẹni tó ń tajà fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ìkànnì. Nọ́ńbà CAC fi hàn pé wọ́n forúkọ òwò sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ọjà ṣe dára tó. Àmì àgádágodo máa ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ ránṣẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìkànnì oníjìbìtì náà lè ní in. Kí ìyá aláró fi èyí tó ní sí i, kó má ṣe sọ pé ó jẹ́ ju ohun tó jẹ́ lọ.

Lókè ojú ewé náà, kó kọ ọ́ gbangba: "4.1 nínú 5. Èèyàn 40 la béèrè lọ́wọ́ wọn, 14 ló dáhùn." Kó kọ oṣù àti irú aṣọ tí oníbàárà rà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkànnì, ẹ ṣí ìwé ìtajà oṣù tó kọjá, kí ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ rò pé inú rẹ̀ kò dùn.