Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo la ṣe ń pín oko bàbá tó ti lọ?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bàbá kan l'Ọ́fà fi oko éékà 16 sílẹ̀. Ìyálé bí ọkùnrin mẹ́ta, ìyàwó bí obìnrin kan. Éékà mélòó ló kan oníkálukú?

1️⃣ Ìdí igi: ìyá là ń kà. Àwọn ọmọ ìyálé á pín 8, ọmọbìnrin yẹn nìkan á gba 8.

2️⃣ Orí òjorí: ọmọ là ń kà. Mẹ́rin-mẹ́rin ni. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmólè láti Èkó, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà, àmọ́ olórí ẹbí lè yan orí òjorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

3️⃣ Ṣàríà, bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí tí òbí rẹ̀ ò sí mọ́: àwọn opó méjèèjì á pín 2, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba 4, obìnrin 2.

Ẹ fẹnu kò lórí ọ̀kan kẹ́ ẹ tó dé oko. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń ti ibẹ̀ wá: kálukú ti ṣírò tiẹ̀ nílé.

Éékà sì ju éékà lọ o! Àkùrọ̀ àti ibi tí kaṣú wà kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ olókùúta. Ẹ jọ rìn ín, kí ẹni tó là á sì mú tiẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà lójú àwọn alámùúlégbè oko, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i.

Èwo ni wọ́n lò nílé yín? Ẹ sọ fún wa, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹbí.